“Yọ Ọ́ Kúrò, Kí O Tún Un Gbà” Kì Í Ṣe Èsì

Nínú gbogbo èsì tí àwọn iléeṣẹ́ orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń fún oníbàárà, ọ̀kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí a jọ kọ̀. Òun ni èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn pé orin tí òun ti gbà sórí fóònù kò dún mọ́ bí òun bá pa dátà. Wọn a ní kó yọ áàpù náà kúrò, kó tún un gbé wọlé, kó sì tún gbogbo orin náà gbà. Ẹni tó jókòó sídìí wáìfáì ọ̀fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, owó ni wọ́n ní kó lọ ná lẹ́ẹ̀kejì lórí ohun tó ti san owó rẹ̀. Èrò mi ni pé ẹ̀sùn tí a bá kọ dáadáa lè dínà mọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè kọ ọ́ dáadáa, a ní láti mọ ohun tí iléeṣẹ́ náà ń gbé sórí fóònù wa gan-an nígbà tí a bá tẹ Download.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Àpápá tí gbogbo ayé mọ̀ o. Tiwa wà ní Kòsọ́fẹ́, lójú títì Ìkòròdú, tí èèyàn bá ti kọjá Máìlì 12. Láti ibẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba méjì lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá há ní Kétu. Àsìkò yẹn ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, tó dá lórí òwe nínú orin àpàlà. Mo máa ń gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà. Màá gbọ́ gbólóhùn kan, màá dá orin dúró, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá dá a padà láti wò ó bóyá bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni. Ẹni tó bá ti da orin kọ sínú ìwé rí mọ̀ pé orin ìṣẹ́jú mẹ́rin lè jẹ ogójì ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹni.

Irú iṣẹ́ yẹn kò ṣeé fi dátà ṣe lójoojúmọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó wọn, ó sì lè tó ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń san owó oṣooṣù fún áàpù orin kan. Ẹni tí kò sanwó náà lè gbọ́ orin lórí rẹ̀, bí ìpolówó bá ń já lu orin náà. Ohun tí èmi ń sanwó lé lórí ni ààyè láti gba orin sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, kí n sì máa gbọ́ ọ láìlo dátà níbòmíràn. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó kù nínú ohun tí mo rà. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ju tiwọn nìkan lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, áàpù náà gba àtúnṣe tuntun fúnra rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, gbogbo orin tí mo ti gbà ti ṣókùnkùn. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ wọ́n, ńṣe ni áàpù náà ń sọ pé mi ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí ọgbọ̀n orin ni, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kí n fi orí kẹta iṣẹ́ mi han olùkọ́ tó ń bójú tó o.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà lórí fóònù náà. Orin tí a gbà láti inú áàpù báyìí kò dà bí èyí tí a fi Bluetooth gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Èyí tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́, fáìlì lásán ni, ẹ̀rọ orin èyíkéyìí lè ṣí i. Ti áàpù yìí, nǹkan mẹ́ta ló pé jọ kó tó lè dún. Èkíní ni fáìlì orin náà, tí wọ́n ti dàrú kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú u, tí ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ẹ̀kẹta ni ìwé àkọsílẹ̀ tí áàpù náà ń tọ́jú sínú ara rẹ̀, tó ń sọ fún un pé fáìlì báyìí ni orin báyìí, kọ́kọ́rọ́ báyìí ló sì ń ṣí i. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bàjẹ́, ohun kan náà ni ojú wa máa rí, pé orin kò dún. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀, èyí tí a bá sì lè fi hàn pé òun ló bàjẹ́ ló ń sọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ló máa ń fa wàhálà jù. Spotify, fún àpẹẹrẹ, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá gba orin sórí fóònù gbọ́dọ̀ ṣí áàpù náà pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì ń sanwó. Lórí Netflix, àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n, wákàtí 48 ló kù fún un láti fi parí wọn. Àwọn tó ń fi Data Saver dènà áàpù kí ó má baà jẹ dátà lẹ́yìn wọn lè dí ọ̀nà tí kọ́kọ́rọ́ tuntun máa ń gbà wọlé láìmọ̀. Fóònù tí aago àti ọjọ́ rẹ̀ ti yí padà nítorí pé bátìrì rẹ̀ kú pátápátá náà lè rò pé ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ ti kọjá. Ìṣòro bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Tan dátà, ṣí áàpù, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ni, àwọn orin náà á tún tàn padà láìjẹ́ pé a tún wọn gbà, dátà tó sì máa jẹ kò ní tó nǹkan.

Nítorí náà, kí n tó kọ lẹ́tà kankan, mo ṣe àyẹ̀wò márùn-ún, mo sì ya fọ́tò ojú fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wọ Settings, mo tẹ Apps, mo tẹ orúkọ áàpù náà, mo sì wo Storage. Gígábáìtì 2.2 ló ń lò, bó ṣe wà kí àtúnṣe tó wọlé. Ìyẹn ni pé àwọn fáìlì ò lọ síbi kankan. Mo wo Date & time, aago àti ọjọ́ pé. Mo wo ojú ìwé ìsanwó mi, oṣù náà ṣì kù ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mo tan dátà, mo ṣí áàpù, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn orin náà ò tàn. Níkẹyìn, mo gba orin tuntun kan, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo tan Airplane mode, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó dún.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń dá fóònù láre. Bí orin tuntun bá lè dún láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé fóònù náà lè gbà, ó lè tọ́jú, ó sì lè ṣí. Ààyè kò kún, ẹ̀rọ náà kò darúgbó jù. Bí a bá wá fi gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù: fáìlì àtijọ́ wà nílẹ̀, owó wà nílẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé kò sì tún un ṣe, fóònù kò ní àbùkù. Ìwé àkọsílẹ̀ áàpù náà ló sọnù nígbà tí àtúnṣe wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí oníbàárà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ẹ̀sùn náà, nítorí òun ni wọ́n ń gbà. Ohun tó sọ nìyí ní èdè wa:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Orin tí mo gbà sórí fóònù mi kò dún mọ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí áàpù yín gba àtúnṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Irú fóònù mi àti nọ́ńbà àtúnṣe náà wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Áàpù yín ṣì ń lo gígábáìtì 2.2 lórí fóònù mi, nítorí náà àwọn fáìlì wà níbẹ̀. Ọjọ́ àti aago fóònù pé. Owó oṣù mi kò tíì tán. Mo ti ṣí áàpù pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò yí padà. Orin tuntun tí mo gbà lónìí ń dún nínú Airplane mode. Fọ́tò márùn-ún tó fi èyí hàn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mi ò tíì yọ áàpù náà kúrò, nítorí bí mo bá yọ ọ́, àwọn fáìlì náà á parẹ́, màá sì ní láti tún gígábáìtì méjì rà. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí áàpù náà tún dá àwọn fáìlì tó wà nílẹ̀ mọ̀? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ tún wọn gbà, kí ni ẹ máa ṣe sí owó oṣù yìí àti dátà tí màá ná?”

Ẹ wò ó pé kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún rí kọ̀wé pé áàpù wọn kò wúlò, pé olè ni wọ́n. Mo mọ bó ṣe ń dun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó bàjẹ́, ó sì ti ní èsì kan ní sẹpẹ́ tó lè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ohun tó ń yọ ẹ̀sùn kúrò lọ́wọ́ èsì sẹpẹ́ ni kí lẹ́tà náà ti dáhùn ìbéèrè tí èsì náà fẹ́ béèrè.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, èsì tó wá ni pé kí n yọ áàpù kúrò, kí n tún un gbé wọlé. Ibí ni mo fẹ́ kí a ti ṣe ìṣirò díẹ̀. Orin tó ń lọ ní ìwọ̀n 160 kbps ń jẹ kílóbáìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ mẹ́gábáìtì 1.2 ní ìṣẹ́jú kan, àti mẹ́gábáìtì 72 ní wákàtí kan. Wákàtí ọgbọ̀n á wá jẹ́ mẹ́gábáìtì 2,160, ohun tó lé díẹ̀ ní gígábáìtì méjì. Bí èèyàn bá fẹ́ orin tó já geere jù ní 320 kbps, á di ìlọ́po méjì, gígábáìtì mẹ́rin àti díẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni èsì yẹn, ṣùgbọ́n iye tó máa ná mi nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní san nínú rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ o. Bí mo bá yọ áàpù náà kúrò, ẹ̀rí mi ti lọ. Gígábáìtì 2.2 tó ń fi hàn pé fáìlì wà níbẹ̀ á di òfo, kò sì ní sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ bóyá àtúnṣe wọn ló bà á jẹ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má yọ áàpù kúrò títí iléeṣẹ́ náà á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bákan náà, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́tìnnì méjì tó wà nínú Storage lórí fóònù Android. Clear cache ń kó àwọn nǹkan ìgbà díẹ̀ dànù, kò sì yẹ kó fọwọ́ kan orin tí a gbà. Clear storage ń kó ohun gbogbo dànù, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù náà wọlé ni. Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn máa ń dárúkọ méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo dá wọn lóhùn lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà, mi ò bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun. Ẹ̀sùn tuntun á tún lọ bá ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo kọ: pé mo ti sọ ìdí tí mi ò fi ní yọ áàpù náà kúrò, pé ìbéèrè mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ní ìdáhùn, àti pé kí wọ́n gbé ẹ̀sùn náà fún ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ áàpù gan-an. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn kọ̀wé. Ó ní wọ́n mọ̀ nípa àbùkù náà, pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti inú áàpù àtijọ́ bọ́ sínú èyí. Ó ní àwọn fáìlì náà kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, pé wọ́n á fi oṣù kan kún oṣù mi láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ wọn kò lè san owó dátà. Ìgbà náà ni mo tó yọ ọ́ kúrò. Orin ogún tí orí kẹta nílò ni mo kọ́kọ́ gbà, mo fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá rí wáìfáì.

Àwọn kan á ní ìdajì èrè ni mo rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé bí mo bá ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe lọ́jọ́ kìíní, dátà náà ì bá ṣì lọ, oṣù náà ì bá lọ pẹ̀lú, èmi ì bá sì máa rò pé fóònù mi ni kò dára.

Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí n kò fi gba orin náà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pín in láìtọ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mọ ìdí. Níbẹ̀, ẹ máa rí orin tí wọ́n gé lórí, tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ àwo tó ti wá. A kò lè tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ yunifásítì. Mo sì gbà pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ náà pé ó yẹ kí wọ́n ti fáìlì pa, kí owó lè máa dé ọwọ́ àwọn tó ni orin. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí ìwé àkọsílẹ̀ sọnù lọ́wọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tó wà lóde ilẹ̀kùn ló máa san owó rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò fara mọ́ ọn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, ní abala 130, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gba iṣẹ́ tó san owó rẹ̀ lásìkò, àti ní ìwọ̀n tí èèyàn lè retí. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o. A lè kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí kò bá sì dáhùn, a lè gbé e lọ síwájú àjọ náà pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà àti fọ́tò tí a ti kó jọ. Ẹ má gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sí NCC lórí 622. Ti iléeṣẹ́ fóònù ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, bíi dátà tó lọ láìnídìí. Wọn kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ áàpù orin.

Ẹ̀sùn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹni tó ni orin bá gba orin rẹ̀ padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, orin yẹn á kúrò lórí fóònù wa, kò sì sí lẹ́tà tó lè dá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀ka wa kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ àṣekágbá ẹnikẹ́ni dúró lórí áàpù nìkan. Káṣẹ́ẹ̀tì àti àwo àpàlà pọ̀ nílé àwọn bàbá àti ìyá wa. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá ní èyí tí ẹ kò lò mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o wá sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka. Ìyẹn ò ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán.